Láti Básírà dé Mushin: Bí Kàmúsù Lárúbáwá Ṣe Ń Yí Ipò Padà

Ọmọ ilé kéwú ní Mushin tó bá ń wá "mádírásà" nínú kàmúsù àtijọ́ kò ní í bá a lábẹ́ mímù. Ó ní láti kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ náà: àfikún ni mímù iwájú, àfikún ni tááù ìparí. Dálì, ráà àti sínì tó kù ni gbòǹgbò, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́.

Lẹ́tà mẹ́wàá péré ni àwọn onísàráfù kà sí àfikún, wọ́n sì kó wọn sínú ọ̀rọ̀ kan, "sa'altumúníhà", kó lè rọrùn láti há sórí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí sínì wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kí ló dé tí a ò yọ ti mádírásà? Bí a bá yọ ọ́, lẹ́tà méjì ni yóò kù, bẹ́ẹ̀ ni sínì kò sì kúrò nínú "darsu" àti "mudarrisu" tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Bí a bá ti rí gbòǹgbò, ibo la ó ti wá a? Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Kaliilu ọmọ Ahmadu ti Básírà to lẹ́tà kàmúsù rẹ̀ láti inú ọ̀fun bọ̀ wá sí ètè. Áyínì ló fi ṣíwájú. Gbogbo gbòǹgbò tó ní lẹ́tà kan náà ló kó sójú kan, bó ti wù kí wọ́n tò. Sínì ló jìn jù nínú mẹ́ta wa, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ni mádírásà bọ́ sí. Ìwé fún ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kì í ṣe fún ọmọ ilé kéwú!

Ní nǹkan bí ọdún 1000, Jáwáhárì fi lẹ́tà ìparí gbòǹgbò ṣe orí ìwé, ó fi ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ìpín: orí sínì, ìpín dálì. Akéwì tó ń wá ọ̀rọ̀ tó bára mu gbádùn rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni Ibn Mánsúrù tọ̀ nínú Lisánù Lárábù, tó parí ní 1290. Sámákísárì, tó kú ní 1144, ti bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Munjidu tí Luisi Maalufu, àlùfáà Kátólíìkì, gbé jáde ní Bérúútù ní 1908 ló sọ ọ́ di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dá lò. Ní 1955, nígbà tí Ṣéékì Ádámù Ilọ́rí gbé Mákásì rẹ̀ láti Abẹ́òkúta wá sí Agége, gbòǹgbò kò ṣòro wá nínú ìwé mọ́. Rírí i nínú ọ̀rọ̀ ló ṣì le.

Ẹ wo "mízánù", òṣùwọ̀n. Yọ mímù àti álífù, ó ku yáà, sáyì, núnù; wá a títí, o ò ní rí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, "mawásínù", ló ń tú àṣírí: wáwù ló wà níbẹ̀, ohùn "i" tó ṣíwájú ló sọ ọ́ di yáà. Abẹ́ wáwù ló wà.

Láti àárín àwọn ọdún 1960, kàmúsù Raidu ti Jíbúránì Másíúdù ti to ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n sílẹ̀: mádírásà wà ní mímù, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n "darsu" ti wà ní dálì, ọ̀pọ̀ ojú-ìwé ló là á àti mádírásà láàárín, kò sì sí ohun tó ń sọ fún ọmọdé pé ìdílé kan ni wọ́n.