Nígbà tí Ayé Bá Dà Bíi Fíìmù Lójú Èèyàn: Ìyàtọ̀ Láàárín Rẹ̀ àti Wèrè

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Òkè Ọya, gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń ṣì gbọ́ nínú ilé, tó sì lè sọ èèyàn di ẹni tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀. Gbólóhùn náà ni: "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mi ò sí níbí."

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó o, àmọ́ irú rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún 29 ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù pírófísọ̀n ní Tẹlifíṣọ̀n, ní gúúsù ìlú Kàdúná. Ó ń ti Àbújá bọ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì wọn dúró lọ́nà. Orí kó o yọ. Ó délé, ó dúpẹ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń ka owó fún kọ́sítọ́mà, àfi bí gbogbo ìta ṣe dà bí ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ohùn àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíì. Owó tó kà pé, ṣéńjì tó fún wọn pé, kò sí ẹni tó fura. Inú òun nìkan ni ẹ̀rù wà: "Àbí orí mi ti fẹ́ yí ni?"

Ohun tó ṣe é yìí ní orúkọ. Àwọn dókítà ń pè é ní dìsosiéṣọ̀n, ìyẹn ni pé àwọn nǹkan tó máa ń rìn pọ̀ nínú èèyàn, bí ìrántí, ìmọ̀lára àti mímọ ara ẹni, yà kúrò lára wọn fún ìgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ ara ẹni ló dà bíi ti ẹlòmíì, bíi ti ọwọ́ obìnrin yẹn, wọ́n ń pè é ní dìpásónálaiséṣọ̀n. Tó bá jẹ́ ayé tó yí i ká ló dà bíi fíìmù tàbí àlá, dìríálaiséṣọ̀n nìyẹn. Àwọn méjèèjì sábà máa ń wá pọ̀. Irú mìíràn wà tó jẹ́ pé ìrántí ni yóò já: èèyàn á bá ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn, kò ní mọ bó ṣe débẹ̀. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ẹ rántí bí fíúsì ṣe máa ń já nígbà tí iná bá pọ̀ jù, kí waya má baà jó. Tí ìbẹ̀rù bá kọjá ohun tí ọkàn lè gbé, ọpọlọ máa ń dín ìmọ̀lára kù kí èèyàn lè rí ọ̀nà sá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà mìíràn, ewu ti lọ tán, fíúsì yẹn ṣì ń já. Ìlú tó sì ti rí rògbòdìyàn ọdún 2000, ti 2002, ti ìbò 2011, àti ìkọlù ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, ẹ̀rù ò jìnnà sí i. Àmọ́ kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń fà á. Àìsùn, ìjáyà òjijì tó ń jẹ́ kéèyàn máa mí gúlegúle, igbó mímu, àti ìyà tí wọ́n fi jẹ èèyàn ní kékeré, gbogbo rẹ̀ lè fà á. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn rí tí wọn ò sọ. Èyí tó bá di ti ọ̀pọ̀ oṣù ni à ń pè ní àìsàn, ìba èèyàn díẹ̀ nínú 100 ló ń dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé obìnrin wa. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mi ò sí níbí." Ẹ̀gbọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹbí, ó ní: "Ìyàwó wa ní òun ò sí láyé mọ́ o." Ẹ wò ó, "bí ẹni pé" ti sọnù lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìyàtọ̀ wà.

Nínú sàìkósìsì, tí àwa ń pè ní wèrè, kò sí "bí ẹni pé". Ẹni náà kì í sọ pé ọwọ́ òun dà bíi ti ẹlòmíì, ó máa ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọwọ́ òun, ó sì mọ ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, kó máa dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máà so kọ́ra mọ́. Tí ẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti di ọ̀tá. Àwọn ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, òun ò gbà. Ti obìnrin wa yàtọ̀ pátápátá: òun ló mọ̀, àwọn ará ilé ni kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù pé òun ń ya wèrè gan-an sábà máa ń jẹ́ àmì pé kì í ṣe òun.

Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ gígùn tí òrìṣà ń gun elégùn. Òun náà jẹ́ ìyapa ọkàn lójú dókítà, àmọ́ ó ní àsìkò, ó ní ibi, àwọn tó yí i ká sì mọ bó ṣe ń parí.

Níbi tí ilé bá ti ṣì í gbọ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú un lọ sí ibi ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru. Àdúrà ò burú, àmọ́ àìsùn àti ebi ń bu epo sí i ni. Àwọn mìíràn á gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de èèyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá kó ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 300 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rígásà, ní Kàdúná níbí. Àní oògùn wèrè pàápàá kì í sábà mú ìyapa ọkàn yìí lọ.

Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kó sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀, kó máa sùn dáadáa, kó sì jáwọ́ nínú igbó. Tó bá ti ń bọ̀, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, kó di omi tútù mú, kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó yéé wo dígí ní gbogbo ìgbà bóyá òun ṣì ni òun, torí ìṣọ́ra ẹni yẹn ń mú un pẹ́ ni.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Bárnáwá, ní apá gúúsù ìlú kan náà. Tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ yín ò gbọ́ Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí "bí ẹni pé" sọnù lẹ́ẹ̀kejì. "Kamar" ni lédè Háúsá, "í bì láìk sé" ni ti Píjìn. Ẹ sọ ọ́ ketekete, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó ń bá yín túmọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tí aláìsàn ń mu.

Ẹ má fi falẹ̀ bí ẹni náà bá ń dákú, tàbí tó ń gbọ́ òórùn tí kò sí níbẹ̀ kí nǹkan náà tó dé, torí wárápá lè wà nídìí rẹ̀. Bó bá sì lé ní ẹni 40 ọdún kó tó kọ́kọ́ ṣe é, ó yẹ kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò. Bó bá ń sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ kú, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé lánàá ó ní "ó dà bíi fíìmù", tó wá di òní tó ní "wọ́n ń fi mí ṣe fíìmù", torí nígbà mìíràn, báyìí ni sàìkósìsì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.