Bẹ́tà-blọ́kà: oògùn tó ń da ìṣirò aago rú

Bẹ́tà-blọ́kà ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn oògùn bíi porópíránólọ́ọ̀lù, tí James Black, dókítà ará Sikọ́tílándì, ṣe àwárí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó wà lára iṣẹ́ tó fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Àwọn dókítà ń kọ ọ́ fún àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí ènìyàn bá ń sáré, ara a máa tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọkàn lè yára. Ojúkò tó ń gba iṣẹ́ yìí lára ọkàn ni wọ́n ń pè ní bẹ́tà. Oògùn náà á ti lọ gba ibẹ̀, bí àlejò tó jókòó sórí àga onílé. Adirẹnalíìnì á dé, kò ní ríbi jókòó, ọkàn kò sì ní yára bó ṣe yẹ.

Ká wo ìyá ẹni 60 ọdún kan. Láti mọ iye tó ga jù tí ọkàn rẹ̀ lè lù, aago ọwọ́ rẹ̀ yọ 60 kúrò nínú 220, ó kù 160. Láti inú iye yìí, ó ní ìrìn wẹ́rẹ́ rẹ̀ wà láàárín ìlùkìkì 96 sí 112 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ká ní lórí oògùn, ọkàn rẹ̀ kì í kọjá 120 bó ti wù kó sáré tó. Bó bá dé 112, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, aago ṣì ń pè é ní ìrìn wẹ́rẹ́!

Kò sí iye kan pàtó tí a lè yọ láti tún ìṣirò aago ṣe, torí ìwọ̀n oògùn àti wákàtí tí a lò ó ń yí i padà. Èémí ló ṣeé gbára lé: bó bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Dókítà tún lè dán an wò lórí ẹ̀rọ ìrìn, pẹ̀lú oògùn lára, kó fún un ní iye tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró lójijì nítorí aago.