Ó àti Òun: Wíwá Àṣìṣe Arọ́pò-Orúkọ Nínú Ẹ̀yà Gbólóhùn Tí A Fàlà Sí Lábẹ́

Nínú ìdánwò gírámà tí a ti ń fàlà sábẹ́ ẹ̀yà mẹ́rin nínú gbólóhùn kan, tí a sì ń fi lẹ́tà A títí dé D sí wọn lẹ́yìn, ẹ̀yà kan ṣoṣo tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú. Bí àṣìṣe náà bá jẹ́ ti arọ́pò-orúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó ń dúró fún orúkọ tí a ti dá ṣáájú, kì í tètè hàn, nítorí pé kò sí ohun tí ó ṣe ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀; ẹni tí ó ń tọ́ka sí ni kò bá ìtumọ̀ mu.

Ó àti òun ni irú àṣìṣe yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Arọ́pò-orúkọ ni ó, arọ́pò-afarajorúkọ sì ni òun, nítorí pé òun lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-orúkọ ń ṣe. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi sọ, rò tàbí gbàgbọ́, tí pé sì tẹ̀ lé e, ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ lẹ́nu gan-an ni òun máa ń tọ́ka sí, nígbà tí ó sábà máa ń tọ́ka sí ẹlòmíràn. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Adé sọ fún ìyàwó rẹ̀ (A) pé ó (B) máa sùn sí Ìbàdàn lọ́la, nítorí pé ìpàdé tí òun (C) fẹ́ lọ níbẹ̀ (D) yóò pẹ́.

Ọ̀pọ̀ ni yóò mú C, nítorí pé òun máa ń dà bí ọ̀rọ̀ tí a fi ń tẹnu mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ rọ́pò wọn, Adé ni òun, a sì ní pé Adé ni yóò lọ sí ìpàdé. Ìyàwó sì ni ó, a sì ní pé ìyàwó ni yóò sùn sí Ìbàdàn nítorí ìpàdé ọkọ rẹ̀. Ìdí kò bá àbájáde mu, nítorí náà B ni ìdáhùn, òun ló sì yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yà A kò ní àṣìṣe, nítorí pé Adé nìkan ni a ti dárúkọ kí rẹ̀ tó jáde.

Ọ̀wọ̀ náà máa ń fa ìṣòro. Nínú "Bàbá (A) dé, wọ́n (B) jókòó, ó (C) sì béèrè omi (D)", B tọ̀nà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ni bàbá. C ni ó ba ọ̀wọ̀ tí a ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n tí kò ní orúkọ ṣáájú rẹ̀, bí i ti "Wọ́n jí ọkọ̀ náà gbé", kì í ṣe àṣìṣe ní Yorùbá, nítorí pé bí a ṣe ń sọ ohun tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe é nìyẹn. Olùṣètò ìdánwò tí ó bá fi òfin Gẹ̀ẹ́sì gé máàkì níbẹ̀ ló ṣì í, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.