Ìwọ̀n Ọ̀nà, Eré àti Àkókò nínú Àpèjúwe: Etíkun Aráròmí

Ìwọ̀n nínú àpèjúwe ni ọ̀nà tí òǹkọ̀wé ń gbà sọ bí ibi kan ṣe jìnnà tó, bí nǹkan ṣe ń sáré tó àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè fojú inú rí i. Aráròmí, ìlú etíkun ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àyọkà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú rẹ̀, odò àti irà sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀. Kò sí òpó máìlì lójú omi, etí omi pàápàá kì í dúró sójú kan, nítorí náà nọ́ńbà tó tọ̀nà lè ṣi òǹkàwé lọ́nà bí òǹkọ̀wé kò bá sọ ibi tí ó ti wọ̀n ọ́n, ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n àti ìgbà tí ó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí a fi àkókò wọ̀n

Bí a bá bi awakọ̀ ojú omi léèrè bí abúlé kan ṣe jìnnà tó, wákàtí tàbí ìṣẹ́jú ni yóò fi dáhùn, kì í ṣe kìlómítà. Ìdáhùn yìí wúlò fún èrò ọkọ̀, nítorí ohun tí yóò ná an gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kàwé nílé kò mọ irú ọkọ̀ tí awakọ̀ ní lọ́kàn. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà àti ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ kò lè rin ọ̀nà kan náà láàárín àkókò kan náà. Ẹrù àti ìṣàn omi tún ń dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan ń rin kìlómítà 24 ní wákàtí kan lórí omi tí kò ṣàn, abúlé tí ó ń lọ sì jìnnà tó kìlómítà 14. Bí omi bá ń ṣàn ní kìlómítà 4 ní wákàtí kan, tí ó sì ń bá ọkọ̀ lọ, eré ọkọ̀ náà di 28, yóò sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé ibẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀ tí ìṣàn náà sì kọjú sí i, eré rẹ̀ di 20, yóò sì lo ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ẹni tí ó kọ “ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni” kò purọ́, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan ló sọ, kò sọ bí ọ̀nà ṣe jìn. Gbólóhùn tí ó pé ni: “Kìlómítà 14 ni, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ máa ń fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé ibẹ̀ bí omi bá ń bá a lọ, ó sì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí omi bá ń dojú kọ ọ́.”

Eré tí ojú lè rí

Kìlómítà 24 ní wákàtí kan kò fi nǹkan kan hàn ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí. Tí a bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú, ó di mítà 400. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye máa ń gùn tó mítà 105, nítorí náà ọkọ̀ náà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá pápá mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Báyìí ni òǹkàwé yóò mọ̀ pé ọmọ tí ó dúró létí odò kò lè sá tẹ̀ lé e. Àwọn atukọ̀ òkun ní tiwọn ń fi nọ́ọ̀tì wọn eré: nọ́ọ̀tì kan jẹ́ máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe kìlómítà 1.852. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ yí i padà sí kìlómítà, nítorí máìlì orí ilẹ̀ kúrú ju ti ojú òkun lọ.

Afẹ́fẹ́ le láti ṣàpèjúwe ju ọkọ̀ lọ, torí ojú kò rí i. Francis Beaufort, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yanjú rẹ̀ ní 1805. Ó ṣètò ipele láti òdo dé méjìlá, ó sì fi ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ìgbòkun ọkọ̀ dá wọn mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ìrísí òkun kún un. Ní ipele kẹrin, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní kìlómítà 20 sí 28 ní wákàtí kan, ìgbì ga tó mítà kan, fọ́ọ̀mù funfun sì ń hàn léraléra lórí rẹ̀. Ní ipele kẹfà, ìgbì ti ga tó mítà mẹ́ta, fọ́ọ̀mù sì ti gba ojú òkun. Òǹkọ̀wé tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè ṣàpèjúwe ìgbì àti fọ́ọ̀mù tí ó rí, kí ó má sì dá nọ́ńbà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ látọwọ́ ara rẹ̀.

Etí omi tí kì í dúró

Ìṣòro tó le jù ní etíkun ni wíwọn ibi tí ilẹ̀ parí sí. Òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn etíkun Nàìjíríà, omi máa ń ga sókè tó bíi mítà kan. Ìyẹn kò pọ̀ lára ògiri, ṣùgbọ́n lórí yanrìn tí kò dà gẹ̀rẹ́ púpọ̀, ó pọ̀. Bí yanrìn bá ń fi mítà kan lọ sílẹ̀ ní gbogbo àádọ́ta mítà, omi tí ó ga ní mítà kan yóò bo àádọ́ta mítà yanrìn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wọn láti ògiri ilé-ìwé kan dé etí omi nígbà tí omi fà, ó lè rí mítà 90. Ẹlòmíràn tí ó wọ̀n ọ́n nígbà tí omi kún yóò rí 40. Bí ọdún kan bá wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì, tí wọn kò sì sọ ipò omi, ẹni tí ó kà á yóò rò pé òkun ti jẹ àádọ́ta mítà, bẹ́ẹ̀ òkun kò tíì jẹ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Ìlàjẹ. Ní Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gba ilé àti òpópónà lọ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gba ẹ̀rí òun gbọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò kúrò lójú kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́, aago, àti bóyá omi kún tàbí ó fà.

Aago àti ọjọ́

Ní Aráròmí, oòrùn ń yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje jákèjádò ọdún, nítorí náà “kí oòrùn tó yọ” tó fún òǹkàwé ilé. Kò tó fún ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí oòrùn ti ń yọ kí aago márùn-ún tó lù ní oṣù Òkúdù, tí ó sì ń yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ. Fún irú wọn, ẹ kọ aago mọ́ ọn. Ìkà ọjọ́ náà ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Yorùbá ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn: bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìjẹta ni Ọjọ́rú. Ẹni tí ó bá kọ “ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn” fún un lè mú kí àwọn mìíràn lọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orúkọ ọjọ́ tàbí déètì ni ó ń pa iyèméjì run.

Nọ́ńbà tí ó péye ju ìwọ̀n lọ

Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ka ọ̀nà kò lè kọ “mítà 487.3”. “Nǹkan bí mítà 500” ni òtítọ́ iṣẹ́ rẹ̀. “Bí”, “kò tó” àti “lé díẹ̀” kì í ṣe àìmọ̀. Wọ́n ń sọ bí ìwọ̀n náà ṣe ṣe é gbára lé tó. Ìwọ̀n tí a kò sọ bí a ṣe rí i, kì í ṣe ẹ̀rí.