Gbólóhùn Mẹ́rin Fún Ìpààrọ̀ Iṣẹ́

Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Togo. Ànàgó tó ń gbé ní Agoè-Nyivé, lápá àríwá Lomé, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ náà, lè bá SAED, ìlànà tí a fi ń ròyìn aláìsàn fún ẹlòmíràn, pàdé nínú ìwé. HAS, àjọ ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Faransé, ti tẹ ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀ jáde ní 2014. Bó bá ṣí ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, SBAR ni yóò bá níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan ni méjèèjì: ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni ìlànà náà ti ṣẹ̀, kí Kaiser Permanente tó mú un wọ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo A. Nínú SAED, ohun tó ti ṣe aláìsàn tẹ́lẹ̀ ni. Nínú SBAR, èrò nọ́ọ̀sì nípa ohun tó ń ṣe é ni.

Nítorí náà, mi ò wá lẹ́tà kankan fún ti Yorùbá. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo yàn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ti wà nílẹ̀, ohun tí mo rò pé ó jẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Àwọn kan á pè é ní "àyẹ̀wò", àkẹ́kọ̀ọ́ á sì ka nọ́ńbà tán, á dákẹ́. Ẹ gbọ́ eré tí a lè fi kọ́ wọn, nígbà tí ẹni ọ̀sán ń fa aláìsàn lé ẹni alẹ́ lọ́wọ́ ní aago méje:

"Ẹ kú alẹ́, Mà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá bẹ́ẹ̀dì 4. Páàdì méjì ti rin gbingbin láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Aago márùn-ún ló bí ọmọ rẹ̀ karùn-ún. Ibi ti jáde pátápátá, a sì ti gún un ní yúnìtì 10 abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 90 lórí 50, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 124 ní ìṣẹ́jú kan, ilé ọmọ rẹ̀ sì rọ̀. Mo rò pé ilé ọmọ ni kò sún kì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ pe dókítà báyìí. Èmi ń fọwọ́ ra ilé ọmọ náà lọ."

"Mo rò pé" ni ẹ̀kẹta. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹni alẹ́ á fúnra rẹ̀ mú ìtumọ̀ jáde nínú nọ́ńbà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà lọ.

Fún ẹ̀kẹrin, mi ò lo "àbá". A lè gba àbá tàbí ká fi í sílẹ̀. Ọmọdé tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ á tètè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Bóyá kí ẹ wò ó, Mà." "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ" ní ọ̀wọ̀ nínú, ohun tí a ń fẹ́ kò sì farasin. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ tún un sọ: "Bẹ́ẹ̀dì 4, ilé ọmọ kò sún kì, abẹ́rẹ́ kan ti wọlé, mo ń pe dókítà."

Ẹ̀yin tó ń kọ́ wọn, ẹ máa yọ gbólóhùn kẹta kúrò nínú eré nígbà mìíràn láìsọ fún ẹni alẹ́. Bí kò bá béèrè rẹ̀, kò tíì mọ bí a ṣe ń gba iṣẹ́.