Owó tí kò mì àti òṣùwọ̀n ìmì: ìtàn GARCH láti ọdún 1982, àti ọ̀ràn owó sẹ́fà

Ní ọdún 1960, Faransé gbé fáráǹkì tuntun jáde. Láti ìgbà náà, 50 sẹ́fà ni fáráǹkì Faransé kan, iye yìí kò sì yẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn ìjọba tó ń ná sẹ́fà kéde ní Dákà pé láti ọjọ́ kejì, 100 sẹ́fà ni yóò máa jẹ́ fáráǹkì kan. Ẹni tó kó owó pamọ́ sí Kétu tàbí Àjàṣẹ́ jí ní òwúrọ̀, iye bébà owó ọwọ́ rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ìlàjì ọjà Faransé tí ì bá rà lánàá ni owó náà lè rà mọ́.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn òṣùwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣe láti fi wọn bí iye owó ṣe ń mì lójoojúmọ́. Orúkọ rẹ̀ ni GARCH. Mo sì fẹ́ fi hàn ìdí tí kò fi lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni nípa irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí náà kò fara sin: ó wà nínú irú owó tí wọ́n fi òṣùwọ̀n náà kọ́ṣẹ́.

Ohun tí a ń wọ̀n

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Mo ń pe ìyàtọ̀ láàárín iye owó òní àti ti àná ní ìyípadà ojúmọ́. Báyìí ni a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, níbi tí P ti jẹ́ iye pàṣípààrọ̀:

```
r[t] = 100 × ln(P[t] / P[t-1])
```

Ìmì, ní tèmi, kì í ṣe ìyípadà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n bí ìyípadà ṣe lè tóbi tó ni, yálà ó lọ sókè tàbí ó wá sílẹ̀. Owó lè mì gan-an fún oṣù kan, kí ó sì padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe «mì» gbé èrò yìí dáadáa, nítorí pé ohun tó ń mì kò ní láti lọ síbì kankan.

Ní 1963, Benoît Mandelbrot kọ̀wé nípa iye owó òwú. Ó ṣàkíyèsí pé ìyípadà ńlá sábà máa ń tẹ̀lé ìyípadà ńlá, àti pé ìyípadà kékeré máa ń tẹ̀lé kékeré. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá iye ọ̀la yóò lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí àná bá jẹ́ ọjọ́ rúkèrúdò, ó ṣeé ṣe kí òní náà rí bẹ́ẹ̀. Ìkórajọ ìmì nìyẹn. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ rọrùn: tí a bá fi ìyípadà òní wé ti àná, a kì í sábà rí ìbátan kankan, ṣùgbọ́n tí a bá fi ìyípadà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, kí àmì sókè-sódò lè parẹ́, ìbátan yóò yọ jáde, yóò sì wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Láti Lọ́ńdọ̀nù dé ọjà owó

Ní ìgbà tí Mandelbrot ń kọ̀wé, owó àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kò tíì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ọdún 1944 ti so wọ́n mọ́ dọ́là. Ìdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í já ní oṣù kẹjọ 1971, nígbà tí Amẹ́ríkà kọ̀ láti máa fi wúrà pààrọ̀ dọ́là mọ́, ó sì já pátápátá ní oṣù kẹta 1973. Láti ìgbà náà ni máàkì Jámánì àti pọ́ùn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní iye tuntun sí dọ́là lójoojúmọ́, tí àwọn oníṣirò sì ní ohun tí wọ́n lè kó jọ.

Òṣùwọ̀n náà kò ti ọ̀dọ̀ owó pàṣípààrọ̀ bẹ̀rẹ̀. Robert Engle, ará Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1979 lórí ọ̀wọ́n-gógó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di ìgbà náà, àwọn àwòṣe tí wọ́n ń lò gbà pé ìwọ̀n ìfọ́nká àṣìṣe wọn jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1982, Engle jẹ́ kí ìfọ́nká òní dá lórí bí àṣìṣe àwọn ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ṣe tóbi tó. ARCH ni orúkọ àwòṣe yìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ní láti rántí ọ̀pọ̀ ìgbà sẹ́yìn. Engle lo ìdá mẹ́rin ọdún mẹ́rin, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní, 0.4, 0.3, 0.2 àti 0.1, kí ìṣirò má bàa dàrú.

Tim Bollerslev, ará Dẹ́ńmáàkì tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Engle, rí ọ̀nà àbùjá ní 1986. Dípò kí á máa ka ọjọ́ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìfọ́nká tí a ti ṣírò fún àná kún ti òní, nítorí pé ìfọ́nká àná ti gbé gbogbo àtijọ́ rù. GARCH nìyẹn. Ní 1987, ó lò ó fún ìyípadà ojúmọ́ pọ́ùn àti máàkì sí dọ́là. Ìlà kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀:

```
h[t] = ω + α·r[t-1]² + β·h[t-1]
```

Ìfọ́nká òní ni h. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ìmì tí à ń retí. ω ni ìpìlẹ̀ tí kì í tán. α ń sọ bí ìró àná ṣe kan òní tó, β sì ń sọ bí ìrántí ṣe pẹ́ tó.

Mo mú ìwọ̀n mẹ́ta fúnra mi, kí a lè fi ọwọ́ ṣírò: ω = 0.01, α = 0.07, β = 0.91. Ní ọjọ́ pípẹ́, ìfọ́nká yóò dúró sí 0.01 ÷ (1 − 0.98), ìyẹn 0.5, ìmì jẹ́ nǹkan bí 0.71 nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ká ní owó náà ṣàdédé yí ní 2 nínú ọgọ́rùn-ún lánàá. Ìfọ́nká òní á jẹ́ 0.01 + 0.28 + 0.455, ìyẹn 0.745, ìmì á sì gòkè sí 0.86. Lẹ́yìn náà, ohun tó lé lórí 0.5 yóò máa dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ní ìretí. Yóò gbà tó ọjọ́ ọjà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ìlàjì rẹ̀ tó lọ. Fún owó tí ọjà ń gbé sókè-sódò lójoojúmọ́, ìtàn yìí bá ohun tí a rí mu.

Ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1994

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sọ́dọ̀ sẹ́fà àti fáráǹkì. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé gbogbo ìyípadà ojúmọ́ láti 1960 dé 1993 jẹ́ òdo. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà wá ω, α àti β láti inú òdo, yóò máa fa ìfọ́nká sún mọ́ òdo, iye tó fi ń díwọ̀n bí àwòṣe ṣe bá dátà mu yóò sì máa ga láìdúró. Kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀.

Bí a bá wá yá àwọn ìwọ̀n mi ti òkè yìí lò, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún òdo, ìfọ́nká yóò jókòó sí 0.01 ÷ 0.09, ìyẹn 0.11, ìmì jẹ́ 0.33. Ní ọjọ́ 12, fáráǹkì kúrò ní 50, ó di 100 sẹ́fà. Ìyípadà ojúmọ́ jẹ́ 69.3, tó fi igba lọ́nà àti díẹ̀ ju ìmì tí òṣùwọ̀n ń retí lọ.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ìfọ́nká ọjọ́ 13 di nǹkan bí 336, ìmì sì di 18.3. Òṣùwọ̀n ń pariwo pé kí oníṣòwò múra, owó yóò mì tìtì lónìí. Kò sí ohun tó mì. 100 ni ní ọjọ́ náà, 100 ni ní ọjọ́ kejì, 100 náà ni fún ọdún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ òdo, òṣùwọ̀n ṣì ń retí ìmì 4.5 lójúmọ́. Ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Àṣìṣe oníṣirò kọ́ nìyí. GARCH gbà pé ìró máa ń ti ọjà wá, àti pé ọjà máa ń gba àkókò kí ó tó rọlẹ̀. Ti 1994 kò ti ọjà wá. Ìpinnu ni, ó sì parí ní ọjọ́ kan. Ewu tó ti ń kóra jọ láti ọdún púpọ̀ wà nínú iye kòkó àti òwú tó wálẹ̀, nínú gbèsè ìjọba àti nínú owó tó ń sá jáde. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó wọ inú r[t].

Ní ààlà, lónìí

Láti 1999, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan. Nítorí náà, ìyípadà ojúmọ́ láàárín sẹ́fà àti náírà kò yàtọ̀ sí ti yúrò àti náírà, nítorí pé òdo ni a fi kún un. Èyí mú kí àwọn kan rò pé wàhálà ti tán: kí a kàn gba iye náírà, kí a fi GARCH wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n náírà pẹ̀lú ti ní àkókò ìdè tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2015 títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2016, iye ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 197 sí 199 fún dọ́là kan, nígbà tí ọjà ìta ti kọjá 300 kí 2016 tó dé àárín. Ní ọjọ́ 20 náà, iye ìjọba fò kọjá 280. Ẹni tó bá fi iye ìjọba wọn ìmì yóò rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan àti ìfò kan. Ẹni tó ń ra ọjà ní ààlà Kétu kò rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kankan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò kí n tó gba èsì GARCH kan gbọ́. Mo máa ń ka iye ọjọ́ òdo. Bí wọ́n bá pọ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ń di iye náà mú. Mo máa ń pín ìyípadà kọ̀ọ̀kan sí ìmì tí àwòṣe retí fún un. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ogún tàbí igba, ìpinnu ni a ń wò, kì í ṣe ìmì. Mo sì máa ń wo α + β. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1, ó lè jẹ́ ìrántí gígùn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé sáà méjì tó yàtọ̀ síra ni a rọ́ pọ̀, bí Lamoureux àti Lastrapes ti fi hàn ní 1990 lórí ìpín ìdókòwò. A ó gé dátà sí méjì níbi tí òfin ti yí padà, a ó sì tún un ṣírò ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ náà bá já wálẹ̀, àwòṣe ló ti gba ìyípadà òfin fún ìrántí ọjà.

Àwọn tó ń jíròrò ọjọ́ iwájú sẹ́fà lónìí sábà máa ń tọ́ka sí bí kò ṣe ń mì sí yúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò léwu. Ìtàn òṣùwọ̀n yìí sọ ohun tó kéré ju ìyẹn lọ: òdo jẹ́ ẹ̀rí pé ìdè wà, kò sì sọ bí okùn rẹ̀ ti yi tó.