Ìtọ̀ tó mọ́ gaara: bí wọ́n ṣe mọ̀ pé kíndìnrín alátọ̀gbẹ ti ń jò

Ìtàn ìtọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ dé Ìdó, gbólóhùn kan wà tí àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ máa ń sọ: "Ìtọ̀ mi mọ́, ẹsẹ̀ mi ò wú, kíndìnrín mi ò ṣe nǹkan kan." Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n ó gba àwọn dókítà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ojú kò lè rí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí.

Ní 1827, Richard Bright, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú. Bí wọ́n bá gbé ìtọ̀ wọn ka iná, ó máa ń dì bíi funfun ẹyin. Nígbà tí wọ́n kú, tí ó yẹ ara wọn wò, kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Ohun tó ń dì yẹn ni à ń pè ní álúbúmíìnì. Inú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó wà, kò yẹ kó bá ìtọ̀ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Bí asẹ́ bá dára, omi ògì á kọjá, èèrí á dúró sókè. Bí asẹ́ bá gbó, èèrí á bá omi lọ. Asẹ́ kéékèèké tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ń ba asẹ́ náà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń tì í láti òkè bí ẹni tó ń fi agbára fún ògì. Álúbúmíìnì ni èèrí tó kọ́kọ́ ń yọ́ jáde.

Ìṣòro tó wà ni pé iná Bright, àti páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ títí dòní, kì í sábà rí álúbúmíìnì àfi tó bá ti pọ̀. Ní 1963, ní Guy's kan náà, Harry Keen àti Chlouverakis gbé ọ̀nà kan jáde tó lè wọn èyí tó kéré gan-an. Láàárín 1966 sí 1967, wọ́n fi wọn ìtọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ tí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ń gbé ró. Nígbà tó tó nǹkan bí ọdún 14, wọ́n wá wọn lọ, wọ́n sì rí 63 nínú àwọn tó ṣì wà láàyè. Giancarlo Viberti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1982. Nínú àwọn 55 tí tiwọn kò jò tó nǹkan, 2 péré ni àìsàn kíndìnrín ti hàn lára wọn. Àwọn 8 ni tiwọn ti ń jò díẹ̀, èyí tí páálí kò lè rí. Nínú àwọn 8 yẹn, 7 ló ti ní àìsàn náà. Ìtọ̀ wọn ti sọ ọ́ tipẹ́, kò sí ẹni tó mọ èdè rẹ̀ ni.

Kí ni èèyàn lè wá ṣe sí i? Ní 1983, Hans-Henrik Parving ní Dẹ́ńmáàkì fi oògùn mú ìfúnpá àwọn aláìsàn 10 wálẹ̀, láti nǹkan bí 144/97 sí 128/84. Ṣáájú ìtọ́jú, agbára asẹ́ wọn ń dín ní nǹkan bí 11 lọ́dún. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ó di nǹkan bí 5. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ 80, bó bá ń dín bíi ti tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọdún 6 ni yóò fi dé 15, níbi tí ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń dín bíi ti ẹ̀yìn ìtọ́jú, á tó nǹkan bí ọdún 13. Aláìsàn 10 kéré, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí ńlá tẹ̀ lé e. Ní 1993, Edmund Lewis fi káptópríìlì wé oògùn asán láàárín èèyàn 409. Nínú 207 tó lo káptópríìlì, 25 ni kíríátíníìnì ẹ̀jẹ̀ wọn di ìlọ́po méjì. Nínú 202 yòókù, 43 ni. Oògùn náà ń tú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kì í há mọ́ ibẹ̀. Ní 2001, ìwádìí mìíràn fi hàn pé lósátáànì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn bẹ̀rẹ̀ lágbà, irú èyí tó pọ̀ jù láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Láti 1998 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ilé ìwòsàn ní Ìdó, òun ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ òní. Ẹ fojú inú wo ìyá ọlọ́jà kan láti Ọyẹ́ tó gba ibẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 56 ni, ó ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún 9, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 152/94. Páálí kò rí nǹkan kan nínú ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kó mú ìtọ̀ àkọ́jí wá fún àyẹ̀wò álúbúmíìnì. Wọ́n rí mílígíráàmù 96 nínú lítà kan, kíríátíníìnì inú ìtọ̀ náà sì jẹ́ gíráàmù 0.8. Wọ́n pín 96 sí 0.8, ó di 120. Ìdí tí wọ́n fi ń pín in ni pé ẹni tó mu omi púpọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣàn, álúbúmíìnì á sì dà bíi pé kò tó nǹkan. Bó bá dín sí 30, ó dára. Láti 30 sí 300, jíjò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ju 300 lọ, ó ti le.

Dókítà kò tíì dájọ́. Ibà, àìsàn ojú ìtọ̀, nǹkan oṣù, tàbí iṣẹ́ agbára lóko lánàá lè mú kí álúbúmíìnì jáde fúngbà díẹ̀. Wọ́n tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí méjì nínú mẹ́ta bá ga, ó dájú. Ti màmá náà ga lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fún un ní lósátáànì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kíríátíníìnì ẹ̀jẹ̀ màmá gòkè láti 1.0 sí 1.2. Ẹlòmíràn á ní oògùn ló ń ba kíndìnrín òun jẹ́, á sì jù ú nù. Rárá o. Asẹ́ tí wọ́n dín ẹrù rẹ̀ kù ni. Bí ó bá gòkè ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tàbí tí pòtásíọ̀mù ga, nígbà náà ni dókítà á tún un rò. Wọ́n fi àmlódípíìnì kún un kí ìfúnpá lè wà lábẹ́ 130/80. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, 120 ti di 65.

Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó yẹra fún àìbúprófẹ́ìnì àti dìkìlófẹ́nákì fún ara ríro, kó má mu àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì tètè pe dókítà bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú un, nítorí wọ́n lè ní kó dá lósátáànì dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Obìnrin tó lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Oògùn yìí kì í dá asẹ́ tó ti ya padà, ńṣe ló ń mú kí yíya náà falẹ̀. Àwọn kan sì wà tí kíndìnrín wọn ń kú láìjò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò pọ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì sọ fún yín pé ìtọ̀ yín mọ́, ẹ rọra béèrè ìbéèrè kan: "Ṣé páálí lẹ fi wò ó ni, àbí ẹ wọn álúbúmíìnì rẹ̀?"

Ó dìgbà kan ná.